Gééjì dé pọ́ùn 15, sípóò kò kú: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ọ́tókíléèfù kan ní Jọ́ọ̀sì

Ilé ìgbẹ̀bí aládàáni kan wà ní ìlú Jọ́ọ̀sì, nínú èyí tí ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń wá bímọ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí àwọn òbí wọn ti ń ṣòwò lórí òkè náà láti ayé ìwakùsà. Àwọn tó ni ilé náà ra ọ́tókíléèfù àlòkù kan láti Èkó, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fi èéfín omi pa kòkòrò tó wà lára irin iṣẹ́ àti aṣọ ìgbẹ̀bí. Irú èyí tó rí bí ìkòkò ńlá ni. Orí iná gáàsì ni wọ́n ń gbé e kà. Omi wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, garawa tí wọ́n ń to ẹrù sí wà nínú rẹ̀, ìdérí rẹ̀ sì ní gééjì ìfúnpá, fáàfù tí wọ́n fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde, àti fáàfù ààbò tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí ìfúnpá bá pọ̀ jù. Kò ní tẹmómítà. Ìwé kékeré tí ẹni tó tà á lẹ̀ mọ́ ọn lára sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí gééjì dé pọ́ùn 15 lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan, kí wọ́n ka ìṣẹ́jú 20, kí wọ́n sì paná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe é.

Mátírọ́nù ilé náà, ìyá àgbà tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ni kò fara mọ́ ọn pé téèpù nìkan ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹrù ti pé. Téèpù náà ni èyí tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìdì ẹrù, tí ìlà ara rẹ̀ á dúdú bí ooru bá ti kàn án. Wọ́n wá bá mi ní láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní, “Ọmọ mi, gbogbo ìdì tó jáde nínú ìkòkò yẹn ni téèpù rẹ̀ ń dúdú, ì báà jinná, ì báà má jinná. Bá wa wá ohun tó máa sọ òótọ́.” Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa téèpù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ìdì tó ti wọ inú ẹ̀rọ hàn yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì wọ̀ ọ́. Kò lè sọ bóyá ìgbóná tó yẹ wọ àárín ìdì náà, kò sì lè sọ iye ìṣẹ́jú tó lò níbẹ̀.

Ohun tó lè sọ ọ́ ni sípóò. Bí irú kòkòrò àìfojúrí kan bá rí i pé ibi tí òun wà kò rọgbọ mọ́, á pa ara rẹ̀ dà: omi inú rẹ̀ á dínkù, á fi awọ líle bo ara rẹ̀ ní ìpele-ìpele, kò ní jẹ, kò ní mu, títí ibẹ̀ yóò fi tún dára. Sípóò ni a ń pe ara tó gbé wọ̀ yìí, kò sì sí ẹ̀yà kòkòrò mìíràn tó ṣòro pa tó o nínú àwọn tí ilé ìwòsàn sábà máa ń bá pàdé. Èyí tí a ń lò láti dán ọ́tókíléèfù wò ni sípóò Jiobasílọ́ọ̀sì Sitiarotamọ́fílọ́ọ̀sì. A yàn án nítorí pé ó lágbára púpọ̀ sí ìgbóná tó ní omi nínú, bẹ́ẹ̀ ni kì í fa àìsàn fún ènìyàn. Inú ìgò ike kékeré kan ni wọ́n ń tà á: ìwé pélébé kan tí wọ́n ti gbẹ nǹkan bíi mílíọ̀nù kan sípóò sí lára wà níbẹ̀, oúnjẹ olómi tó ní àwọ̀ àlùkò sì wà nínú ìgò gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú ìgò ike náà. Lẹ́yìn tí ìgò bá ti bá ẹrù jáde nínú ẹ̀rọ, tí ó sì ti tutù, a óò tẹ̀ ẹ́ kí gíláàsì inú rẹ̀ fọ́, kí oúnjẹ ṣàn bo ìwé náà, a óò sì gbé e sínú ínkúbétọ̀ tí ìgbóná rẹ̀ wà láàárín dígírì 55 sí 60. Bí sípóò kankan bá yè, á hù, á jẹ oúnjẹ náà, á sì sọ ọ́ di kíkan, àwọ̀ àlùkò á sì di àwọ̀ ìyeyè. Bí gbogbo wọn bá ti kú, àwọ̀ àlùkò ni yóò wà títí wákàtí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sára páálí rẹ̀ fi pé. Fún irú tí a lò, wákàtí 48 ni.

Ìdánwò àkọ́kọ́ kò já mọ́ nǹkan kan, ó sì yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń tan ara wọn jẹ. A fi ìgò mẹ́ta sínú ẹ̀rọ náà, a sì fi ìgò kẹrin tí a kò fi sínú ẹ̀rọ rárá kún wọn nínú ínkúbétọ̀. Ìgò kẹrin yìí ni a ń pè ní ẹlẹ́rìí: ara ẹgbẹ́ kan náà ni, nọ́ńbà tó wà lára páálí wọn kò yàtọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ di àwọ̀ ìyeyè ká tó lè gba ohun tí àwọn yòókù bá sọ gbọ́. Nígbà tí wákàtí 48 pé, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà ní àwọ̀ àlùkò. Inú nọ́ọ̀sì tó gbé wọn wá dùn, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí kò hù túmọ̀ sí pé kò sí sípóò tí ì bá hù níbẹ̀, ì báà jẹ́ òkú tàbí ààyè. Iná ti lọ lóru, jẹnẹrétọ̀ kò sì ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni ooru ínkúbétọ̀ já bọ́ sí ti inú yàrá, tó jẹ́ pé ní Jọ́ọ̀sì nígbà ọyẹ́, òtútù rẹ̀ máa ń mú kí ènìyàn bora. Kòkòrò tó fẹ́ dígírì 55 kì í hù ní irú ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti so ínkúbétọ̀ mọ́ bátìrì ínfátà, tí a sì ń kọ ohun tí tẹmómítà rẹ̀ bá sọ sílẹ̀ ní àárọ̀ àti ní alẹ́.

Ìdánwò kejì ló ṣí ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. A gbé ìgò kan sí òkè garawa láìfi ohunkóhun dì í. A fi ìkejì sí àárín ìdì tó tóbi jù nínú ẹrù náà, èyí tí gọ́ọ̀sì, àwọn aṣọ ìgbẹ̀bí, ẹ̀mú àti àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé ìwọ́ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi aṣọ ìdì méjì wé. A fi ìkẹta sí àárín ìdì kékeré kan ní ìsàlẹ̀ garawa pátápátá. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà ka iná bí wọ́n ti máa ń ṣe, gééjì dé pọ́ùn 15, wọ́n ka ìṣẹ́jú 20. Téèpù gbogbo ìdì dúdú dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ẹlẹ́rìí ti di àwọ̀ ìyeyè, ìgò àárín ìdì ńlá àti ti ìsàlẹ̀ garawa náà sì ti di àwọ̀ ìyeyè pẹ̀lú. Ti òkè nìkan ni kò yí padà.

Ọjọ́ náà ni Mátírọ́nù pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe lo ẹ̀rọ náà mọ́. Wọ́n kó gbogbo ìdì tó wà lórí pẹpẹ, wọ́n gé téèpù ara wọn kúrò kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì wọ́n lò, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tó gbà láti bá wọn pa kòkòrò ara wọn nínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Wọ́n tún wo ìwé ìgbẹ̀bí láti mọ àwọn ìyá tí wọ́n ti lo ẹrù ẹ̀rọ náà fún, kí wọ́n lè máa bèèrè àlàáfíà wọn àti ti ọmọ wọn.

Kí a tó lè mọ ohun tó fà á, ó di dandan kí a rántí ohun tí ẹ̀rọ yìí fi ń pa kòkòrò. Ìfúnpá fúnra rẹ̀ kì í pa á. Ìgbóná pẹ̀lú omi ló ń pa á, nítorí pé ibi tí omi bá wà ni àwọn èròjà inú kòkòrò ti máa ń dì kíákíá bí ẹyin tí a sè. Ìdí nìyí tí ìṣẹ́jú mélòó kan ní dígírì 121 fi tó nínú èéfín omi, tó sì jẹ́ pé ooru gbígbẹ nínú ààrò máa ń fẹ́ dígírì 160 fún wákàtí méjì kí ó tó lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Èéfín omi tún ní ẹrù kan tó ń gbé kiri: ooru tó gbà nígbà tí omi ń di èéfín. Bí ó bá kan irin tútù tàbí aṣọ tútù, ó máa ń padà di omi lójú ẹsẹ̀, á sì sọ gbogbo ooru náà kalẹ̀ síbẹ̀. Gíráàmù èéfín kan tó di omi báyìí ń sọ nǹkan bíi kálórì 540 kalẹ̀, nígbà tí gíráàmù omi gbígbóná kan tó fi dígírì kan tutù ń sọ kálórì ẹyọ kan péré. Ohun tí ìfúnpá wá ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí omi hó ní dígírì 100: bí a bá sé èéfín mọ́ inú ìkòkò, ìfúnpá á ga, ìgbóná èéfín náà á sì gùn ún lọ sókè.

Gééjì kò mọ̀ bóyá èéfín ló ń tì í tàbí afẹ́fẹ́. Bí a bá sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú ìkòkò pẹ̀lú èéfín, àwọn méjèèjì ni yóò jọ tì í, gééjì á dé pọ́ùn 15, ṣùgbọ́n ìgbóná tí èéfín mú wá á kéré sí ohun tí gééjì ń sọ. Bí gbogbo afẹ́fẹ́ bá ti jáde, pọ́ùn 15 ní etí òkun jẹ́ dígírì 121. Bí ìdajì rẹ̀ bá ṣẹ́kù, dígírì 112 ni. Bí a kò bá tú ìkankan jáde, nǹkan bíi dígírì 100 ni, gééjì kò sì ní sọ ìyàtọ̀. Afẹ́fẹ́ sì wúwo ju èéfín lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ garawa àti sí àárín ìdì tó dì pọ̀ jù. Ìyẹn bá àwọn ìgò wa mu: ti òkè kú, ti ìsàlẹ̀ àti ti àárín yè.

Mo ní kí nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ẹ̀rọ fi bí ó ṣe ń ṣe é hàn mí. Bí èéfín bá ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu fáàfù, ó máa ń tì í pa. Èéfín àkọ́kọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí ó dúró títí èéfín yóò fi máa jáde bí ọ̀kọ̀ tí a jù, láìdáwọ́ dúró, kí ó sì fún un ní ìṣẹ́jú 10 sí i kí ó tó tì í. A tún rí i pé ọ̀pá rírọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ láti ara fáàfù, tó yẹ kí ó wọ ihò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ garawa kí ó lè fa afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀, ni wọ́n ti ká sókè kí ó má bàa dí ẹrù lọ́wọ́. Òkè nìkan ló ń fà. A dá a padà sí ihò rẹ̀, a tú ìdì ńlá náà sí méjì, a sì ní kí wọ́n má ṣe kó ẹrù kún garawa débi tí àyè kò fi ní sí láàárín ìdì kan àti èkejì.

Ìdánwò kẹta: ìgò òkè wà ní àwọ̀ àlùkò, ti ìsàlẹ̀ wà ní àwọ̀ àlùkò. Ti àárín ìdì di àwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó yí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọjọ́ kejì tán. Ìgò tó pẹ́ kí ó tó yí sábà máa ń túmọ̀ sí pé sípóò tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kò pọ̀, tàbí pé àwọn tó yè ti fara gbọgbẹ́. Ó ti sún mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì pé. Ọ̀gá tó ni ilé náà fẹ́ kí á pè é ní ìdánwò tó kùnà lásán, kí á tún un ṣe, ká sì gba èyí tó bá dára. N kò gbà. Sípóò kì í dìde láti inú òkú. Bí ẹlẹ́rìí bá hù, tí nọ́ńbà páálí sì dọ́gba, ìgò tó yí padà ti jẹ́rìí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìdì yẹn.

Mo wá mú tẹmómítà olómi fàdákà wá, irú èyí tí omi inú rẹ̀ máa ń dúró síbi tó ga dé jù títí a ó fi gbọ̀n ọ́n sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ dán an wò nínú omi tó ń hó nínú ìkòkò ọbẹ̀ tí a kò dé. Dígírì 96 ló sọ. Nọ́ọ̀sì náà rò pé ó ti bàjẹ́, nítorí pé dígírì 100 ni ìwé kọ́ ọ. Kò bàjẹ́. Jọ́ọ̀sì ga ju etí òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200, afẹ́fẹ́ tó tẹ̀ wá mọ́lẹ̀ níbí sì fúyẹ́ ju ti Èkó lọ, bẹ́ẹ̀ ni omi ń hó kí ó tó dé dígírì 100. Gbogbo ìyàwó ilé tó bá ti Ìbàdàn wá sí Jọ́ọ̀sì ló mọ̀ ọ́n láìmọ orúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀wà wọn kì í tètè rọ̀.

Mo fi tẹmómítà náà sí òkè garawa, lẹ́yìn náà sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà sí àárín ìdì, nínú ìsè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú fáàfù tí a tú dáadáa àti gééjì tó dúró lórí pọ́ùn 15. Ohun tó sọ ní òkè ni ó sọ ní ìsàlẹ̀, òun náà ló sì sọ nínú ìdì: kò ju dígírì 119 lọ. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tó há kì í dín ìgbóná kù bákan náà níbi gbogbo. Ìsàlẹ̀ á tutù ju òkè lọ, ìsè òní á sì yàtọ̀ sí ti àná. Bí ìgbóná bá dọ́gba níbi gbogbo, tí ó sì ń dínkù ní iye kan náà lójoojúmọ́, yálà gééjì ń purọ́ ni, tàbí gééjì ń sọ òótọ́ ní ìlú tí ìtumọ̀ òótọ́ náà yàtọ̀. A yá gééjì mìíràn láti fi wé e; wọ́n dọ́gba.

Òdo gééjì ni ìfúnpá afẹ́fẹ́ ibi tó wà. Ìyẹn ni pé kì í ka gbogbo ìfúnpá inú ìkòkò. Ohun tó fi ju ti ìta lọ ni ó ń kà. Ní Èkó, afẹ́fẹ́ ìta jẹ́ nǹkan bíi pọ́ùn 14.7, bẹ́ẹ̀ ni pọ́ùn 15 lórí gééjì jẹ́ pọ́ùn 29.7 lápapọ̀, èéfín tí ìfúnpá rẹ̀ bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ á wà ní dígírì 121. Ní Jọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ ìta kò ju nǹkan bíi pọ́ùn 12.7 lọ. Pọ́ùn 15 kan náà jẹ́ pọ́ùn 27.7 lápapọ̀, ìgbóná èéfín rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi dígírì 119. Ẹni tó kọ ìwé tó wà lára ìkòkò náà kò parọ́. Èkó ni ó ti kọ ọ́.

Ènìyàn lè sọ pé kí ni dígírì méjì já mọ́. Lójú sípóò, ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Sípóò kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìgbóná kan pàtó, iye ìṣẹ́jú kan wà tó máa ń pa mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, irú iye ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ mìíràn á tún pa mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó ṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Páálí àwọn ìgò wa sọ pé ní dígírì 121, ìṣẹ́jú méjì ni iye náà. Láti orí mílíọ̀nù kan sí ẹyọ kan ṣoṣo jẹ́ ìpele mẹ́fà, ìyẹn ìṣẹ́jú 12. Fún sípóò yìí, bí ìgbóná bá fi dígírì 10 dínkù, àkókò tí a nílò á di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ó bá fi dígírì méjì dínkù, á di ìlọ́po kan àbọ̀ àti díẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì wá di ìṣẹ́jú 3 àti díẹ̀, ìpele mẹ́fà sì di nǹkan bíi ìṣẹ́jú 19.

Ìṣẹ́jú 19 kéré sí 20, ó dà bí ẹni pé ó yẹ kí ó tó. Ṣùgbọ́n ìgbà tí gééjì dé pọ́ùn 15 ni nọ́ọ̀sì ti ń ka ìṣẹ́jú, àárín ìdì kò sì tíì gbóná nígbà náà. Aṣọ tó wé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ooru, èéfín gbọ́dọ̀ kọjá láàárín òwú, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín okùn aṣọ sì gbọ́dọ̀ kúrò. Bí a bá ní kí ìyẹn gba ìṣẹ́jú 7, ìṣẹ́jú 13 péré ló kù fún sípóò inú ìdì. Ní Jọ́ọ̀sì, ìyẹn jẹ́ ìpele mẹ́rin: nínú mílíọ̀nù kan, nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún á yè, ìgò á sì di àwọ̀ ìyeyè bí ó tilẹ̀ pẹ́. Ní Èkó, ìṣẹ́jú 13 jẹ́ ìpele mẹ́fà àbọ̀, tí ìgò á máa kọjá ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí yóò sì kùnà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ní ìlú tí ó ti wá pàápàá, etí bèbè ni ẹ̀rọ náà ń rìn. Ẹni tó tà á sọ pé àwọn lò ó pẹ́ láìsí ẹ̀sùn, mo sì gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi sípóò dán an wò rí, ẹ̀sùn tí kò sí kì í sì í ṣe ìdánwò.

Àtúnṣe náà kò le. Òfin tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ń lò ni pé kí a fi ìdajì pọ́ùn kún gééjì fún ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kọ̀ọ̀kan tí ìlú bá fi ga ju etí òkun lọ. Jọ́ọ̀sì tó nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 4,000, bẹ́ẹ̀ ni pọ́ùn méjì ni a fi kún un, tó fi di 17. Kí a tó ṣe é, a wo irin pélébé tó wà lára ìkòkò náà láti mọ ibi tí ìfúnpá rẹ̀ lè dé, a sì rí i pé fáàfù ààbò kò ní ṣí títí yóò fi kọjá 20. Ìkòkò tí ohun tí wọ́n kọ sára irin pélébé rẹ̀ bá ti parẹ́, tàbí tí fáàfù ààbò rẹ̀ ti dípẹtà, n kò ní fi pọ́ùn kankan kún un; àkókò ni mo máa fi kún un dípò rẹ̀. Pẹ̀lú gééjì lórí 17, tẹmómítà sọ dígírì 121 níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A tún sọ ìṣẹ́jú 20 di 30, nítorí pé 30 ni ohun tó yẹ ẹrù tí a wé nínú irú ọ́tókíléèfù tó jẹ́ pé ìwúwo afẹ́fẹ́ nìkan ló ń mú un jáde. 20 jẹ́ ti irin tí a kò wé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú náà, kí wọ́n jẹ́ kí gééjì wá sí òdo díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n ṣí ìdérí díẹ̀, kí ooru inú rẹ̀ sì gbẹ ìdì kí wọ́n tó gbé e jáde, nítorí pé aṣọ tó ṣì lómi lára máa ń fa kòkòrò láti ọwọ́ àti láti orí tábìlì wọlé, ìgò sípóò kò sì ní rí ìyẹn.

A ṣe ìdánwò mẹ́ta tẹ̀ léra wọn pẹ̀lú garawa tí ẹrù kún bí ó ti máa ń kún lọ́jọ́ iṣẹ́, ìgò kan ní òkè, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan ní àárín ìdì tó nípọn jù. Àwọ̀ àlùkò ni gbogbo wọn wà títí wákàtí 48 fi pé, nígbà tí ẹlẹ́rìí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di àwọ̀ ìyeyè kí wákàtí 24 tó pé. Ìgbà náà ni Mátírọ́nù gbà kí ẹ̀rọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ìgò sí àárín ìdì tó nípọn jù, wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà páálí, ohun tí gééjì sọ, ohun tí tẹmómítà sọ, ìgbà tí wọ́n ti fáàfù pa, àti àwọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ìgò ìdánwò. Àwọ̀ ìgò ìdánwò tí a kò kọ ti ẹlẹ́rìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Mátírọ́nù kì í fọwọ́ sí i.

Àwọn tó ni ilé náà ti ń sọ̀rọ̀ báyìí nípa gbígbé ẹ̀rọ náà lọ sí ilé ìgbẹ̀bí tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣí ní Kàdúná, kí wọ́n sì ra èyí tó tóbi fún Jọ́ọ̀sì. Wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n fi gééjì sílẹ̀ lórí 17. Kàdúná ga, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì gíga Jọ́ọ̀sì, pọ́ùn kan ni wọ́n nílò láti fi kún 15 níbẹ̀. Mo kọ 16 fún wọn, mo sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n sè é pẹ̀lú tẹmómítà lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n sì fi sípóò dán an wò nígbà mẹ́ta kí wọ́n tó fi irin kankan inú rẹ̀ kan aláboyún.